Ìtàkùrọ̀sọ aláta àti alélùbọ́ fún kíkọ́ ‘ti’, ‘ń’ àti ‘máa ń’: níbo ni mo ti ṣì í?

Tísà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀kọ́ ni mo wá kọ́ lónìí, èmi tí wọ́n ń pè ní tísà.

Mò ń kọ́ àgùnbánirọ̀ kan ní Yorùbá nílé mi níbí, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Ọmọ Bẹ́núè ni, ó sì yára gbọ́ ohùn ju bí mo ṣe rò lọ. Ibi tí wàhálà wà ni kó mọ ìgbà tó yẹ kó lo ‘ti’, ìgbà tó yẹ kó lo ‘ń’ tàbí ‘máa ń’ tàbí ‘máa’, àti ìgbà tó yẹ kó fi ọ̀rọ̀-ìṣe sílẹ̀ lásán láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Torí pé ojoojúmọ́ ló ń gba Akẹ̀sán kọjá, mo kọ ìtàkùrọ̀sọ kékeré kan láàárín aláta àti alélùbọ́, mo fi àlàfo síbẹ̀ kó máa dí i. Òun nìyí:

Alélùbọ́: Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Ramọ́. Ṣé ẹ ____ ra ata?
Aláta: Bẹ́ẹ̀ ni, mo ____ ra apẹ̀rẹ̀ méjì lánàá.
Alélùbọ́: Ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ ____ lọ?
Aláta: Èmi àti Ìyá Ṣadé. A jọ ____ lọ ní gbogbo ọjọ́ ọjà.
Alélùbọ́: Owó èlùbọ́ mi ńkọ́?
Aláta: Mo ____ san án fún ọmọ yín lánàá.

Nínú àlàfo tó kẹ́yìn, ó kọ ‘ti’. Mo fi yíńkì pupa fa igi sí i, mo ní níwọ̀n ìgbà tí ‘lánàá’ ti wà níbẹ̀, ‘mo san án’ ló yẹ kó kọ. Àfi bí ọmọ yìí ṣe mú ìwé náà lọ sọ́jà, ó kà á sí aláta oníbàárà rẹ̀ létí. Ìyẹn ní kò sóhun tó burú nínú ohun tó kọ, pé bí òun náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ó padà wá bá mi pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ta ló jàre? Báwo ni mo sì ṣe lè tún un kọ tí kò fi ní máa méfò? Torí kí n má parọ́, àwọn àlàfo yòókù tó gbà, mi ò rò pé ó mọ ìdí tó fi gbà wọ́n.

Àkàndé Ọmọ Olókè

Tísà, ẹ má da ara yín láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. ‘Ti’ wà fún ohun tó ti kọjá, ‘ń’ wà fún ohun tó ń lọ lọ́wọ́, ‘yóò’ wà fún ohun tó ń bọ̀. Ẹ fa ìlà mẹ́ta sí pátákó, àná, òní, ọ̀la, kí ó máa kó ọ̀rọ̀ sínú wọn. Èyí tí kò ní nǹkan kan níwájú, ti àná lòun náà, ṣùgbọ́n ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná kó má baà ṣe é ṣúkaṣùka. Ohun tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá sílé láti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá Àbẹ̀ní

Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ti Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ọmọbìnrin mi fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde, ọ̀rọ̀ àná àti ọ̀rọ̀ òní ló ń fi máàkì rẹ̀ ṣòfò. Ṣé ìtàkùrọ̀sọ ọjà yìí lè ràn án lọ́wọ́? Èló sì ni ẹ̀ ń gbà lóṣù?

Tísà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Màmá Àbẹ̀ní, Yorùbá ni mò ń kọ́ o, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá fi èyí kọ́ ọmọ yín ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yin gan-an lẹ máa wá fi ẹjọ́ mi sùn.

Ìyá Ìbejì Alélùbọ́

Èmi ò mọ gírámà, ṣùgbọ́n èlùbọ́ ni mò ń tà, mo sì ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó kọ ọ́ kò jókòó sí ìsọ̀ rí.

Ṣé mo fẹ́ bá ẹni tó kó ata síwájú ní ìsọ̀ kí n wá máa bi í pé ṣé ó ra ata? Ojú ò ha ríran ni? Ohun tí à ń bi ara wa láàárọ̀ ni pé ṣé ọkọ̀ ti dé, èló ni wọ́n pe apẹ̀rẹ̀, ṣé wọ́n ti pàtẹ. Tàbí kẹ̀, tí kò bá ní tàtàṣé nílẹ̀, mo lè bi í nípa tàtàṣé torí mi ò rí i. Ohun tí èèyàn ò rí ló ń béèrè.

Ti gbèsè yẹn ẹ̀wẹ̀, àgùnbánirọ̀ yẹn ló jàre o. Tí ẹnì kan bá bi mí ní owó tí mo ti san, mi ò ní dúró máa ròyìn fún un. ‘Mo ti san án’ ni, kí ọ̀rọ̀ tán. Tí mo bá ní ‘mo san án lánàá’, ó máa dà bí ẹni pé ìtàn ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, á wá máa retí ìyókù.

Bàbá Tàkíé

Ìyá Ìbejì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, gírámà tó ní òun ò mọ̀ yẹn gan-an ló sọ. Ẹ jẹ́ kí n kàn tẹ̀ lé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Tísà, ẹ lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òfin tí ẹ fi fa igi yẹn, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni. Lọ́dọ̀ àwọn ìyẹn, tí èèyàn bá ti dárúkọ àná, ọ̀rọ̀ tó dà bíi ‘ti’ tiwa kò gbọdọ̀ bá a gbé inú gbólóhùn kan náà. Lọ́dọ̀ tiwa, wọ́n jọ ń gbé láìjà. ‘Mo san án lánàá’ jẹ́ ìròyìn, ó lè wà láàárín ‘mo jí, mo wẹ̀, mo lọ sọ́jà’ àti ‘mo padà sílé’. ‘Mo ti san án lánàá’ jẹ́ ìdáhùn fún ẹni tó rò pé gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Àná kan náà ni wọ́n ń sọ. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ọ rò kó tó gbọ́.

Àkàndé, ìwọ ní tìrẹ, o gba ìdajì. Ọ̀nà rẹ máa gbé àwọn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù dé ẹnu ọ̀nà, kò ní gbé wọn wọlé. ‘Ti’ kì í ṣe àmì àná. Gbọ́ èyí: ‘Kí ẹ tó dé lọ́la, màá ti pàtẹ.’ Inú àpótí wo lo fẹ́ ju ìyẹn sí? Ohun tí ‘ti’ ń sọ ni pé nǹkan náà á ti parí kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí èkejì náà jẹ́, àná ni o, ọ̀la ni o, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe lásán náà kì í ṣe ti àná nígbà gbogbo. ‘Mo ra èlùbọ́’, ó ti ṣẹlẹ̀. ‘Èlùbọ́ wọ́n’, ìsinsìnyí ni. Èwo nínú àwọn méjèèjì ló ní àmì lára?

Ó wá ku bí ẹ ṣe máa tún ìtàkùrọ̀sọ náà kọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ‘bẹ́ẹ̀ ni’ lẹ fi ń dáhùn. ‘Bẹ́ẹ̀ ni’ kì í tú àṣírí. ‘Ṣé ẹ ra ata’, ‘ṣé ẹ ti ra ata’, ‘ṣé ẹ máa ń ra ata’, gbogbo wọn ni ‘bẹ́ẹ̀ ni’ bá mu, akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa méfò lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí èkejì sọ pé ‘rárá’. Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ rárá, bí ìbéèrè bá ṣe jẹ́ ni àyísódì rẹ̀ ṣe ń rí. Ẹ wo ìbéèrè kan yìí pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rin:

Alélùbọ́: Ìyá Ramọ́, ṣé ẹ ____ ra tàtàṣé?

Àkọ́kọ́: Rárá, mi ò tíì rà á. Ọkọ̀ ṣì wà lọ́nà.
Èkejì: Rárá, mi ò rà á. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n pè é, mo yíjú padà.
Ẹ̀kẹta: Rárá, n kì í rà á. Rodo àti ṣọ̀ǹbọ̀ nìkan ni tèmi.
Ẹ̀kẹrin: Rárá, mi ò ní rà á. Èyí tó wà nílẹ̀ ò tíì tán.

‘Tíì’ ń bi yín pé ‘ti’ dà. ‘Kì í’ ń wá ‘máa ń’. ‘Kò ní’ ń wá ‘máa’ tàbí ‘ó’. Èyí tí kò ní ju ‘ò’ lásán lọ ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe lásán. Ẹ má kọ́ ọ ní èyí bí òfin o. Ẹ fún un ní ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí tákàdá mẹ́rin, kó mú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó wá béèrè ìbéèrè tó bá a mu. Ìdí tí aláta sọ tẹ̀ lé rárá yẹn ló máa là á lóye: ọkọ̀ tó wà lọ́nà, iye tó ga, ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀, ọjà tó ṣì wà nílẹ̀. Tó bá ti lóye ìdí, ẹnu rẹ̀ á máa yan èyí tó tọ́ kí orí rẹ̀ tó mọ̀.

Atẹ̀wé Ọwọ́dé

Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé ìdánwò fún àwọn tísà ládùúgbò wa, nǹkan kan sì wà tí gbogbo yín fò dá. Ẹ wo àlàfo yẹn dáadáa: ‘mo ____’. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú ti mọ̀ pé ‘ń’ kọ́ ni ìdáhùn, torí tó bá jẹ́ ‘ń’ ni, ‘mò’ lẹ̀ bá kọ. ‘Mò ń’, ‘ò ń’, ‘à ń’, ‘ẹ̀ ń’, ohùn ìsàlẹ̀ ni. ‘Mo ti’, ‘o ti’, ‘a ti’, ‘ẹ ti’, ohùn àárín ni. Ọ̀rọ̀ kékeré tó wà níwájú àlàfo ti tú àṣírí ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ òun náà kúrò, kí àlàfo bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀, kó kọ ‘mo ti’ tàbí ‘mò ń’ fúnra rẹ̀.

Ó tún máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹni tó ń kọ ‘mo yóò’. Ó pọ̀ nínú ìwé tí mò ń tẹ̀, títí kan ti àwọn tísà. ‘Èmi yóò’ tàbí ‘n ó’ tàbí ‘màá’ là ń kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ‘wọ́n yóò’. ‘Wọn yóò’ ni, ohùn òkè bọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Tísà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Mo ti dé o. Mo tọrọ gáfárà, ó gbà á, ó sì ní kí n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídín ṣe ìtánràn.

Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń sin ilẹ̀ baba wa tẹ̀ lé e wá, mo wá pín tákàdá náà fún àwọn méjèèjì. Mo yọ ‘ẹ’ kúrò níwájú àlàfo, bí Atẹ̀wé ṣe ní kí n ṣe. ‘Tíì’ àti ‘kì í’ kò fún wọn ní wàhálà kankan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣi ‘kò ní’ mú. Ó rò pé aláta ń sọ pé òun ò ní tàtàṣé nílé, ó wá béèrè pé ‘Ṣé ẹ ní tàtàṣé?’ Mi ò tiẹ̀ lè bá a wí, èmi náà ò ronú kan ìyẹn rí.

Ibi tó ti dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ ni pé mo fẹ́ fi ‘ń’ kún un. Mo kọ ìdáhùn karùn-ún: ‘Rárá, mi ò ra tàtàṣé. Mo kàn dúró wò ó ni.’ Mo retí ‘Ṣé ẹ̀ ń ra tàtàṣé?’ Ọ̀kan kọ ‘ẹ̀ ń’, èkejì kọ ‘ẹ’ lásán. Àwọn méjèèjì wá ń wo ojú mi, kò sì sí ohun tí mo lè sọ.

Bàbá Tàkíé

Àwọn méjèèjì gbà á. Ibi tí ọgbọ́n mi parí sí lẹ dé yẹn. Tí a bá ti sọ ‘kò’, ‘ń’ á bọ́ sílẹ̀. ‘Ó ń ra ata’, ‘kò ra ata’. ‘Ó ra ata’, ‘kò ra ata’. Ìkan náà ni wọ́n dà, nítorí náà rárá kò lè yà wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́.

Fún ‘ń’, ẹ fi nǹkan mìíràn dá iṣẹ́ náà dúró láàárín. Òjò ló dáa jù lọ́jà. Ẹ gbọ́ gbólóhùn méjì yìí:

‘Nígbà tí òjò dé lánàá, mo kó ata wọlé.’
‘Nígbà tí òjò dé lánàá, mò ń kó ata wọlé.’

Nínú ti àkọ́kọ́, òjò dé ná kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Nínú ti èkejì, òjò ká a mọ́ ẹnu iṣẹ́. Ẹ wá jẹ́ kí gbólóhùn tó tẹ̀ lé e sọ bó ṣe rí fún ata náà. Tí aláta bá ní ‘Ìdajì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀wàrà tó dé, ìdajì tó kù ló tutù’, ‘mò ń’ ló bá a mu. Tó bá ní ‘Gbogbo rẹ̀ ló ti tutù kí n tó dìde’, ‘mo’ lásán ni. Ẹ fi ata han akẹ́kọ̀ọ́ bí kò bá yé e, ẹ kó ìdajì sábẹ́ ibòji, ẹ da omi sí ìyókù. Ó rọrùn ju àlàyé lọ.

Àkàndé, àná ni ‘mò ń’ yẹn o, kì í ṣe òní. Fi sínú àpótí rẹ.

Àkàndé Ọmọ Olókè

Bàbá, mo ti ju àpótí náà nù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú nǹkan kan wá tó dá mi lójú. Àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ipò, irú bíi ‘mọ̀’, ‘fẹ́’, ‘wọ́n’, ‘pọ̀’, kì í gba ‘ń’ rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yẹn, mo rán an lọ ra ata ní òpópónà wa. Ó dé ibẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ káàsán, mà, mò ń fẹ́ ìyá aláta.’ Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún o! Gbogbo ìsọ̀ dàrú. Ọkọ ìyá náà wà níbẹ̀, ó dìde, ó ní kí ọmọ náà wá san owó orí kó tó máa fẹ́ ẹ. Ohun tó fẹ́ sọ ni pé ìyá aláta lòun fẹ́ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń kọ́ wọn pé ‘fẹ́’ kì í gba ‘ń’ láéláé.

Ìyá Ìbejì Alélùbọ́

Ẹ jọ̀ọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ṣùgbọ́n ‘láéláé’ yẹn, mi ò gbà. Kí ni mo máa ń bi oníbàárà láti àárọ̀ títí dalẹ́? ‘Kí lẹ̀ ń fẹ́, àǹtí?’ Òun náà á dáhùn pé ‘Èlùbọ́ ni mò ń fẹ́, kóńgò méjì.’ Kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹnì kankan níbẹ̀.

Bàbá Tàkíé

Ìyá Ìbejì tún gbà á. Tó bá jẹ́ èèyàn ni ẹni tí à ń fẹ́, tí ‘ń’ sì wọ̀ ọ́, etí á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Tó bá jẹ́ èlùbọ́, ọkàn ẹnikẹ́ni ò ní lọ síbẹ̀. Ìdí tí ‘mò ń fẹ́’ fi wọ ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí ‘mò ń mọ̀’ kò sì wọ̀ ọ́, èmi gan-an ò lè là á yé yín tán. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, ‘mo fẹ́’ ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ. Kò ní ṣì í sọ níbikíbi, ọkọ ẹnikẹ́ni ò sì ní dìde sí i.

‘Wọ́n’ tó o dárúkọ, Àkàndé, ìyẹn ló yẹ kí Tísà fi sínú ìtàkùrọ̀sọ rẹ̀, torí kò sí ọjọ́ tí a kì í sọ ọ́ lọ́jà. ‘Ata wọ́n’, bó ṣe rí nìyẹn, kò sọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. ‘Ata ti wọ́n’, kò wọ́n tẹ́lẹ̀, ó wá wọ́n. Ẹni tó ń bọ̀ láti ìrìn àjò ló máa ń sọ ọ́. ‘Ata ń wọ́n sí i’, owó rẹ̀ ń gòkè lọ lójú wa. Ẹ ò rí i pé ‘ń’ wọ̀ ọ́ wẹ́kú, tí ‘sí i’ bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí oníbàárà mẹ́ta wá: ọ̀kan tó ń rà á lójoojúmọ́, ọ̀kan tó ti ṣe oṣù mẹ́ta ní Èkó, ọ̀kan tó rà á láàárọ̀ tó tún wá lọ́sàn-án. Kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wí.

Adùkẹ́ ní Ìlọrin

Mò ń ka ìwé yìí láti òkè, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ọ̀kan. Wọ́n bi aláta léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ṣé ‘ata ni mò ń tà’ ló máa sọ, àbí ‘mo máa ń ta ata’? Tísà wa nílé ìwé kọ́ wa pé ohun tí èèyàn ń ṣe lójoojúmọ́, ‘máa ń’ ni.

Ìyá Ìbejì Alélùbọ́

‘Ata ni mò ń tà.’ Bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ibùsùn ló wà nígbà tí wọ́n bi í. Tó bá sọ fún mi pé òun máa ń ta ata, èmi á rò pé ó máa ń ta nǹkan mìíràn náà ni, tàbí pé ìgbà tí ata bá pọ̀ lóko nìkan ló ń jáde.

Adùkẹ́ ní Ìlọrin

Lọ́dọ̀ wa, àwọn kan á sọ ‘mo máa ń ta ata’, iṣẹ́ wọn gan-an sì ni. Mi ò rò pé ó burú.

Bàbá Tàkíé

Èmi wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ti Adùkẹ́ náà lẹ́nu àwọn tí mi ò lè pè ní aláìgbédè. Tísà, ẹ má fi àlàfo síbi tí àgbà méjì ti lè jiyàn. Ẹ fi ọjọ́ ọjà ti ‘máa ń’ lẹ́yìn. ‘Ọrọọrún ni mo máa ń lọ sóko’, ìyẹn ò ní fa ìjà.

Àkàndé Ọmọ Olókè

Ẹ bá mi dá ọ̀kan sí i: ‘màá’, ‘n ó’ àti ‘èmi yóò’. Ṣé ìkan náà ni wọ́n?

Atẹ̀wé Ọwọ́dé

Lórí ìwé, ‘yóò’ ló pọ̀. Lẹ́nu aláta, mi ò gbọ́ ‘èmi yóò’ rí àfi tó bá ń bínú.

Tísà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Èyí tí mo tún kọ rèé, mo fẹ́ lò ó lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Àlàfo mẹ́rin péré ni mo fi síbẹ̀. Mo ti yọ ọ̀rọ̀ kékeré iwájú wọn kúrò.

Alélùbọ́: Ìyá Ramọ́, ẹ kú ọjà o. Ṣé ____ pàtẹ?
Aláta: Rárá o, mi ò tíì pàtẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ni.
Alélùbọ́: Ata yín mà kéré lónìí. Ṣé òjò àná bà á jẹ́ ni?
Aláta: Ẹ jẹ́ ẹ mọ̀. Nígbà tó dé, ____ kó o wọlé. Ìdajì ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìdajì tó kù ló tutù.
Alélùbọ́: Ẹ pẹ̀lẹ́. Owó èlùbọ́ mi ńkọ́?
Aláta: Háà, ____ san án lánàá! Ọwọ́ Sùnbọ̀ ọmọ yín ni mo kó o lé.
Alélùbọ́: Sùnbọ̀ kẹ̀? Sùnbọ̀ ____ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Mo ti kìlọ̀ fún un, ó sì ti mọ́ ọn lára.
Aláta: Ó gbà á lánàá o. Ẹ pè é kó wá.

Nínú ẹ̀kẹta, tó bá kọ ‘mo ti’ tàbí ‘mo’ lásán, mi ò ní fa igi. Màá kàn bi í èwo ló máa yára pa Ìyá Sùnbọ̀ lẹ́nu mọ́. Ẹ̀kẹrin, ‘kì í’ ni mò ń retí. Tó bá kọ ‘kò’, màá ní kó wo gbólóhùn tó kẹ́yìn, kó sọ fún mi bí ìyá ọmọ ṣe lè mọ̀ pé kò gbà á nígbà tí kò tíì bi í.

Bàbá Tàkíé

Ó dáa. Kí ẹ sì jẹ́ kí ‘ṣẹ̀ṣẹ̀’ yẹn wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá fi ‘ti’ ṣáájú rẹ̀, tó ní ‘mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀’, ẹ bi í pé ṣé ó fẹ́ gbé ẹrù méjì lórí kan ni.

Ìyá Ìbejì Alélùbọ́

Ọ̀rọ̀ ọjà nìyí wàyí. Ṣùgbọ́n owó mi dà? Sùnbọ̀ gbà á àbí kò gbà á?

Tísà Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ìyẹn di Ọjọ́bọ̀. Àwọn méjèèjì ló máa kọ ohun tí Sùnbọ̀ sọ nígbà tó dé, mo sì ti ní kó má ju gbólóhùn mẹ́rin lọ.